Sí Ìgbìmọ̀ Ìdánwò: Ọ̀rọ̀-ìṣe Kọ́ Ló Ń Sọ Ìpele Ìbéèrè

Sí Alága àti gbogbo ọmọ Ìgbìmọ̀ Ìdánwò, Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Maikirobáyọ́lọ́jì.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú wàhálà ìdánwò.

Ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo olùkọ́ ni a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ ní kí kálukú kó ìbéèrè rẹ̀ wá sínú báńkì ìbéèrè tuntun, kí ó sì lẹ àmì ìpele ìrònú mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: ìrántí, òye, ìlò, tàbí ìtúpalẹ̀. Báńkì náà dára, ó sì ti pẹ́ tí a ti ń bèèrè fún un. Ohun tí a kò fara mọ́ ni ọ̀nà tí ẹ ní kí a gbà lẹ àmì ọ̀hún. Ẹ to ọ̀rọ̀-ìṣe sílẹ̀ fún wa: “dárúkọ” jẹ́ ìrántí, “ṣàlàyé” jẹ́ òye, “ṣírò” jẹ́ ìlò, “fi wéra” jẹ́ ìtúpalẹ̀. Ẹ ní kí a wo ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà nínú ìbéèrè, kí a sì mú àmì tó bá a lọ.

Inú ìpele mẹ́fà tí Benjamin Bloom àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1956, tí wọ́n sì tún tò ní 2001, ni àwọn ìpele wọ̀nyí ti wá. Àwọn méjì tó kẹ́yìn, ìyẹn ìdájọ́ àti ìṣẹ̀dá, kò sí nínú ìwé yín, a kò sì bá yín jà lórí ìyẹn, torí ìdánwò yíyan ìdáhùn lórí kọ̀ǹpútà kò lè gbé ìṣẹ̀dá. Yàrá iṣẹ́ àti iṣẹ́ ìwádìí ọdún kẹrin ni ibi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ọpọlọ akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe nígbà tó ń wá ìdáhùn ni ìpele wọ̀nyí ń wọ̀n. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí olùkọ́ lò kò lè sọ ìyẹn fún wa. Ẹ jẹ́ kí a fi ìbéèrè gan-an hàn yín.

1. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà lè jókòó sí ìpele mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìrẹláró Gíráàmù, tí kò sí akẹ́kọ̀ọ́ wa tí kò ṣe é rí. A tẹ́ kòkòrò fẹ́ẹ́rẹ́ sórí síláàdì, a jẹ́ kó gbẹ, a fi iná rà á kó lè lẹ̀ mọ́ ọn. A da kírísítà fáyólẹ́ẹ̀tì lé e fún ìṣẹ́jú 1, a fi omi ṣan án. A da áyódíìnì lé e fún ìṣẹ́jú 1, a ṣan án. Ẹ́tánọ́ọ̀lù ló kàn, fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ péré, títí omi tó ń kán sílẹ̀ kò fi ní ní àwọ̀ mọ́, a sì tètè fi omi ṣan án. Sáfíránìnì ni ìkẹyìn, bí ìṣẹ́jú-àáyá 30 sí 60. Gíráàmù pọ́sítíìfù yóò jáde ní àwọ̀ àlùkò, nẹ́gátíìfù yóò pupa rẹ́súrẹ́sú.

Ìbéèrè kìíní: “Ṣàlàyé ìdí tí Sitafilokọ́kọ́ọ̀sì fi ń di àwọ̀ àlùkò mú.” Gẹ́gẹ́ bí ìwé yín, òye ni èyí, nítorí “ṣàlàyé” wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ wà nínú nóòtì tí a pè fún wọn ní kíláàsì: ògiri sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ nípọn, kírísítà fáyólẹ́ẹ̀tì àti áyódíìnì ti so pọ̀ di ohun ńlá nínú rẹ̀, ẹ́tánọ́ọ̀lù sì ń fa omi inú ògiri náà gbẹ débi pé àwọ̀ kò rí ọ̀nà jáde. Ẹni tó bá há a sórí yóò gba gbogbo máàkì. Ìrántí ni.

Ìbéèrè kejì: “Akẹ́kọ̀ọ́ kan rẹ síláàdì 3 láró pọ̀. Síláàdì Sitafilokọ́kọ́ọ̀sì tí a mọ̀ dájú pupa rẹ́súrẹ́sú. Ti Í. kólì tí a mọ̀ dájú pupa bẹ́ẹ̀. Kòkòrò tí a kò tíì mọ̀ náà pupa. Ṣàlàyé ohun tí a lè sọ nípa kòkòrò kẹta yìí.” Ìdáhùn tó tọ̀nà ni pé a kò lè sọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Sitafilokọ́kọ́ọ̀sì ni ẹlẹ́rìí wa, ó sì yẹ kó jẹ́ àlùkò. Bí òun náà bá pupa, a jẹ́ pé ẹ́tánọ́ọ̀lù pẹ́ jù lórí síláàdì, tàbí akẹ́kọ̀ọ́ náà fo áyódíìnì. Kí a tún iṣẹ́ ṣe ló kù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó há nóòtì nìkan yóò kọ “Gíráàmù nẹ́gátíìfù” láìmikàn. Ìlò ni ìbéèrè yìí.

Ìbéèrè kẹta: “Àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì jáde bó ṣe yẹ. Síláàdì Basílọ́ọ̀sì tí a mú láti inú àwo tó ti lo wákàtí 72 ní sẹ́ẹ̀lì àlùkò àti sẹ́ẹ̀lì pupa pọ̀. Ṣàlàyé.” Níbí, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ ìrẹláró fúnra rẹ̀ kúrò nínú ẹ̀sùn, torí àwọn ẹlẹ́rìí jáde dáadáa. Ohun méjì ló kù. Bóyá sẹ́ẹ̀lì ti gbó tí ògiri wọn ti ń jẹ, tí wọn kò sì lè di àwọ̀ mú mọ́. Bóyá kòkòrò mìíràn ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Kí ó wo bí sẹ́ẹ̀lì ṣe rí: bí gbogbo wọn bá jẹ́ ọ̀pá tó jọra, tí àwọ̀ nìkan yàtọ̀, gbígbó ló ṣeé ṣe jù, bí ọ̀pá bá jẹ́ àlùkò, tí àwọn mìíràn sì kúrú tí wọ́n pupa, àdàlù ló ṣeé ṣe jù. Ìgbésẹ̀ tó kàn ni kí ó fà á sórí àwo tuntun láti wò bóyá kọ́lọ́nì oríṣi kan ni, kí ó sì tún un rẹ láró láti inú èyí tó lo wákàtí 18 sí 24. Ìtúpalẹ̀ nìyẹn.

“Ṣàlàyé” lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìpele mẹ́ta. “Ṣírò” náà kò yàtọ̀: bí a bá ní kí wọ́n ṣírò bí maikirosikóòpù ṣe ń sọ nǹkan di ńlá nígbà tí lẹ́ńsì ojú jẹ́ 10 tí ti ìsàlẹ̀ sì jẹ́ 100, gbogbo wọn ti mọ 1000 lórí kí wọ́n tó parí kíkà rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ìwé yín kò fọwọ́ kàn rárá. Bí olùkọ́ kan bá ti ṣe ìbéèrè kẹta yẹn fún kíláàsì rẹ̀ lójú pátákó, ìrántí ló ti di fún kíláàsì yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtúpalẹ̀ ló ṣì jẹ́ fún kíláàsì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, àmì tí kò sọ ohun tí a ti kọ́ wọn tẹ́lẹ̀ kò pé.

2. Ìtàn aláìsàn kò sọ ìbéèrè di ìlò.

Látìgbà tí ìwé yín ti jáde ni ìtàn ti ń pọ̀ nínú ìbéèrè. Obìnrin ọmọ ọdún 24 kan wá sí kílíníìkì, ìtọ̀ ń ta á lójú ara, dókítà gba ìtọ̀ rẹ̀, wọ́n fi sórí ágà Mákọ́ńkì, kọ́lọ́nì pupa hù. Ìlà márùn-ún. Ìlà kẹfà wá bèèrè pé: “Kí ni ohun tó ń yí àwọ̀ padà nínú ágà Mákọ́ńkì?” Ìdáhùn ni nútírà rẹ́ẹ̀dì. Obìnrin náà, ìtọ̀ rẹ̀ àti dókítà kò ní iṣẹ́ kankan tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ju kí wọ́n jẹ àkókò akẹ́kọ̀ọ́ lọ.

Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ọ́n kò le. Ẹ fi ọwọ́ bo ìtàn náà, kí ẹ ka ìlà tó kẹ́yìn nìkan. Bí ẹ bá ṣì lè dáhùn, ìrántí ni, kí ẹ sì gé ìtàn náà sọnù.

Ẹ wá wo bí ìtàn náà ṣe lè rí bí ó bá ní iṣẹ́ ṣe. Ìtọ̀ obìnrin kan náà wà lórí tábìlì fún wákàtí 5 láìsí fíríìjì kí ó tó dé yàrá iṣẹ́. A fi lúùpù tó ń gbé mílílítà 0.001 tẹ́ ẹ sórí àwo. Kọ́lọ́nì 140 hù, oríṣi mẹ́ta ni wọ́n, kò sì sí èyí tó pọ̀ ju èyí lọ. Kí ni kí yàrá iṣẹ́ kọ ránṣẹ́ sí dókítà? Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sáré ṣírò yóò rí i pé kọ́lọ́nì 140 nínú 0.001 túmọ̀ sí 140,000 nínú mílílítà kan. Ó ti kọjá 100,000 tí a kọ́ wọn, yóò sì kọ pé àìsàn ló wà. Ẹni tó bá ronú yóò rántí pé ìtọ̀ kò yẹ kó kọjá wákàtí 2 níta kí a tó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, torí kòkòrò ń bí sí i nínú rẹ̀, àti pé oríṣi mẹ́ta tó jọ ń hù bákan náà sábà máa ń wá láti ara awọ. Yóò ní kí wọ́n gba ìtọ̀ mìíràn. Bí ẹ bá bo ìtàn yìí, kò sí ẹni tó lè dáhùn.

3. Ìdáhùn tí kò tọ̀nà gbọ́dọ̀ ní ìdí tó fi wà níbẹ̀.

Ibí yìí ni báńkì ti lè ṣe wá lóore jù, ibẹ̀ náà ni àwọn tó ń kó ìbéèrè wá ti ń sáré jù. Ẹ wo ìbéèrè lórí ìbomilà. A bu mílílítà 1 omi ògì sínú mílílítà 9 omi tí kò ní kòkòrò, a pò ó, a bu 1 láti inú rẹ̀ sínú 9 mìíràn, títí ó fi dé 10⁻⁶. A tẹ́ mílílítà 0.1 láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́ta tó kẹ́yìn sórí àwo. Lórí ti 10⁻⁴, kọ́lọ́nì pọ̀ ju kíkà lọ. Lórí ti 10⁻⁵, ó jẹ́ 156. Lórí ti 10⁻⁶, ó jẹ́ 17. Ṣírò iye kòkòrò tó lè hù tó wà nínú mílílítà kan omi ògì náà.

```
156 ÷ (0.1 × 10⁻⁵) = 1.56 × 10⁸ CFU/ml
```

Àwọn ìdáhùn tí a fi síbẹ̀ nìyí: (a) 1.56 × 10⁸, (b) 1.56 × 10⁷, (d) 1.56 × 10⁶, (e) 1.7 × 10⁸. Kò sí ọ̀kan tó ṣèèṣì débẹ̀. Ẹni tó mú (b) gbàgbé pé 0.1 ni òun tẹ́, kì í ṣe 1. Ẹni tó mú (d) rántí 0.1, ṣùgbọ́n ó fi ṣe ìsọdipúpọ̀ dípò kó fi pín in. Ẹni tó mú (e) ṣírò rẹ̀ dáadáa, àmọ́ àwo tí kò yẹ ló yàn, torí kọ́lọ́nì 17 kéré jù láti gbọ́kàn lé. Tí èsì bá dé tí ọ̀pọ̀ kíláàsì bá mú (e), olùkọ́ mọ̀ pé ìṣirò kọ́ ni ìṣòro wọn, yíyan àwo ni. Bí (b) bá ni wọ́n mú, ó mọ̀ pé kó padà lọ kọ́ wọn ní ohun tí ìwọ̀n tí a tẹ́ sórí àwo ń ṣe nínú ìṣirò. Ṣùgbọ́n bí àwọn ìdáhùn yòókù bá jẹ́ nọ́ńbà tí olùkọ́ kàn kọ kó lè pé mẹ́rin, èsì wọn kò ní kọ́ wa ní nǹkan kan.

Kí ìbéèrè náà sì sọ ààlà kíkà tí a ń lò. Àwọn kan ń kọ́ wọn ní 30 sí 300, àwọn mìíràn 25 sí 250. Nínú àpẹẹrẹ yìí, 156 wọ inú méjèèjì, 17 kò wọ ìkankan, nítorí náà kò sí ìjà. Ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà àwo kan bá jẹ́ 27 tàbí 280, ìdáhùn méjì ló tọ̀nà, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì pe ẹjọ́, ẹjọ́ rẹ̀ yóò sì dára.

4. Ìpele kì í ṣe ìnira.

Ìwé yín sọ pé ìbéèrè ìtúpalẹ̀ ni kí a fi pín “àwọn tó mọ̀wé” kúrò lára “àwọn tí kò mọ̀wé”. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Nútírà rẹ́ẹ̀dì tí a mẹ́nu bà lókè jẹ́ ìrántí pọ́ńbélé, ó sì lè jẹ́ pé ìwọ̀nba ló máa rántí rẹ̀. Ìbéèrè síláàdì mẹ́ta lókè jẹ́ ìlò, kíláàsì tó ti fọwọ́ ara wọn ba síláàdì jẹ́ rí sì lè gbà á tán pátá.

Ìnira ní àpótí tirẹ̀, a kì í sì í fojú díwọ̀n rẹ̀: èsì ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ 200 ló ṣe ìdánwò. Ẹ to wọn láti orí ẹni tó gba máàkì jù dé ẹni tó gbà kéré jù. Ẹ mú 54 tó wà lókè àti 54 tó wà nísàlẹ̀, ìyẹn ìdá 27 nínú 100 lọ́nà méjèèjì. Bí 45 lára àwọn tòkè bá gba ìbéèrè kan, tí 18 lára àwọn tìsàlẹ̀ gbà á, ẹ yọ 18 kúrò nínú 45, kí ẹ fi 54 pín in: 0.5 ni. Ìbéèrè náà ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá sún mọ́ òfo, kò fi ìyàtọ̀ kankan hàn láàrin wọn. Bí ó bá kéré sí òfo, ìyẹn ni pé àwọn tìsàlẹ̀ gbà á ju àwọn tòkè lọ, ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò ni bóyá ìdáhùn tí ẹ sọ fún kọ̀ǹpútà pé ó tọ̀nà ni kò tọ̀nà. Ó máa ń ṣẹlẹ̀, nọ́ńbà yìí ló sì máa ń tú u fó.

5. Ìbéèrè tó ti jáde síta ti sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ mọ̀ bí a ti mọ̀ pé ìdánwò àárọ̀ kì í pẹ́ dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Ìwé páàsì kúẹ́ṣọ̀n tí wọ́n ń tà lẹ́nu géètì, ìdáhùn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìbéèrè omi ògì wa lókè, tó jẹ́ ìlò lọ́dún yìí, yóò di ìrántí lọ́dún tó ń bọ̀, síbẹ̀ báńkì yóò ṣì máa pè é ní ìlò títí láé, nítorí “ṣírò” wà nínú rẹ̀.

Pípààrọ̀ nọ́ńbà kò tó. Ẹni tó ti há ọ̀nà ìṣirò náà yóò kàn fi 203 sí ipò 156 ni. Ohun tí a fún wọn àti ohun tí a ń bèèrè ni kí a gbé ṣípò. Fún àpẹẹrẹ: “Àwo 10⁻⁵ ní kọ́lọ́nì 156, àwo 10⁻⁶ ní 148. Kí ló ṣeé ṣe jù pé ó ṣẹlẹ̀?” Ìdá mẹ́wàá ló yẹ kí èkejì jẹ́, bí 15 tàbí 16, nítorí náà ó ṣeé ṣe jù pé inú ìgò kan náà ni akẹ́kọ̀ọ́ ti bu sórí àwo méjèèjì, tàbí kó ti gbàgbé láti bomi là nígbà tó kẹ́yìn. Bó bá jẹ́ pípẹ́ẹ̀tì tí kò pààrọ̀ ni, iye náà yóò ga ju 16 lọ, ṣùgbọ́n kò dájú pé yóò sún mọ́ 156 tó bẹ́ẹ̀. Orí omi ògì kan náà ni, ìṣirò rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó ti di ìtúpalẹ̀.

6. Ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ yín.

Èkíní, ẹ dá ọjọ́ tí ẹ fún wa láti kó ìbéèrè wá dúró. Ìbéèrè tó ní àmì òdì nira láti yọ ju ìbéèrè tí kò ní àmì rárá lọ, torí kọ̀ǹpútà yóò ti máa fà á jáde sínú ìdánwò bí ẹni pé òótọ́ ni.

Èkejì, ẹ fa ìwé ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn ya. Kí olùkọ́ méjì lẹ àmì mọ́ ìbéèrè kan náà láìrí ti ara wọn, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì kọ ìlà kan sí i: kí ni akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣe, tí kò sí nínú nóòtì, kó tó lè dé ìdáhùn? Ẹni tí kò bá rí nǹkan kọ síbẹ̀, kó lẹ ìrántí mọ́ ọn. Kí a fi ìbéèrè 20 bẹ̀rẹ̀, 10 lórí ìrẹláró àti 10 lórí ìbomilà. Bí àmì àwọn méjèèjì kò bá bára mu lórí 16 ó kéré tán, kí a jókòó yanjú ìtumọ̀ àwọn ìpele kí a tó fọwọ́ kan ìkọkànlélógún.

Ẹ̀kẹta, kí gbogbo ìbéèrè ní àpótí mẹ́rin yàtọ̀ sí ti ìpele: ohun tí a ti kọ́ wọn tó jọ ọ́, àṣìṣe tí ìdáhùn òdì kọ̀ọ̀kan dúró fún, ọjọ́ tí a lò ó kẹ́yìn, àti èsì rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí a bá ti lò ó lẹ́ẹ̀kan, kí àmì rẹ̀ padà sí ìrántí fúnra rẹ̀ títí olùkọ́ méjì yóò fi tún un yẹ̀ wò.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má ṣe fi dandan lé e pé kí ìdánwò kọ̀ọ̀kan ní iye báyìí nínú ìpele báyìí kí báńkì tó ní ìbéèrè tí a ti dán wò. Dandan yẹn ló ń mú àwọn olùkọ́ lẹ “ìlò” mọ́ ìtàn obìnrin ọmọ ọdún 24.

Ìbéèrè 20 tí a dárúkọ yìí ti wà nílẹ̀, pẹ̀lú ìlà kan àti àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ yan olùkọ́ méjì tí kò sí lára wa, kí wọ́n wá lẹ àmì mọ́ ọn. Ọjọ́ kan tó iṣẹ́ náà ṣe, a sì ń retí ọjọ́ tí ẹ bá dá.

Àwa olùkọ́ tó ń kọ́ wọn níṣẹ́ yàrá maikirobáyọ́lọ́jì.